Iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ni mo ṣe lóko adìyẹ, ìlà mẹ́rin ni wọ́n ní kí n kọ

Wàsíù Ìwó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta lóko adìyẹ ẹlẹ́yin kan, alábòójútó ni mo sì jẹ́ nínú èyí tó pọ̀ jù. Mo fẹ́ wá iṣẹ́ máníjà lóko tó tóbi jù ú lọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n ní kí a kọ ìlà mẹ́rin péré nípa ara wa sókè síífíì. Èyí tí mo ní rèé:

Fífún adìyẹ lóúnjẹ, fífún wọn lómi, kíkó ẹyin, ṣíṣa ẹyin tó fọ́ sọ́tọ̀, kíka ẹyin sínú kéréètì, kíkó òkú adìyẹ, gbígbá ilé adìyẹ, kíkó ìgbẹ́, fífọ ọpọ́n omi, gbígba oúnjẹ wọlé sí sítọ́ọ̀, kíkọ ìwé àkọsílẹ̀, ríran dókítà ẹran lọ́wọ́ lọ́jọ́ àjẹsára, títa ẹyin fún oníbàárà, bíbójú tó ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, títún kéèjì ṣe, fífi iṣẹ́ ọjọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá.

Èwo ni kí n yọ, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe lóòótọ́.

Ṣadé Ẹlẹ́yin

Ẹ̀gbọ́n, èló ni kéréètì kan lọ́wọ́ yín báyìí? Ìwó ò jìnnà sí wa rárá, mo lè wá kó o fúnra mi.

Délé Kafé

Ọ̀gbẹ́ni Wàsíù, síífíì ni mo ń tẹ̀ fún àwọn èèyàn níwájú yunifásítì níbí, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Kọ́kọ́ kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ àti bí oko náà ṣe tóbi tó, torí ẹni tó ń kà á kì í ní sùúrù. Lẹ́yìn náà, fi nọ́ńbà sí i. Ohun tí wọ́n ń wá lóde òní nìyẹn. Wo èyí:

«Alábòójútó oko adìyẹ tó ní ìrírí púpọ̀, tó máa ń ṣiṣẹ́ takuntakun, tó lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́, tó sì mú kí èrè oko lọ sókè ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.»

Ìlà mẹ́rin géérégé. Gbà á, mi ò gba kọ́bọ̀.

Wàsíù Ìwó

Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá Délé. Ṣùgbọ́n ìdá 60 yẹn, ibo lẹ ti rí i?

Délé Kafé

Nọ́ńbà kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni mo ń sọ. Ìwọ fi tìẹ sí i.

Àǹtí Ọ́fíìsì

Délé, ibi tó o ti sọ pé kó fi orúkọ iṣẹ́ àti bí oko ṣe tóbi tó ṣíwájú, o gbà á. Èyí tó kù yẹn, jẹ́ n sọ ohun tí mo rí. Ọdún 11 ni mo fi wà nídìí gbígbani síṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ẹran tó sì ní oko tirẹ̀. «Tó ń ṣiṣẹ́ takuntakun» wà nínú ìwé gbogbo ẹni tó wá. Ọ̀lẹ náà kọ ọ́.

Wàsíù, ẹni tó máa ka tìrẹ ní oko adìyẹ. Ó mọ̀ pé alábòójútó ń kó ẹyin, ó mọ̀ pé ó ń fún adìyẹ lómi, torí náà tí ojú rẹ̀ bá kan ibẹ̀, á kàn fò ó ni. Mú àtòkọ rẹ, kí o bi ìlà kọ̀ọ̀kan léèrè pé: kí ló yí padà lóko yẹn nítorí pé èmi ni mo wà nídìí eléyìí, tí kì í ṣe ẹlòmíì? Gbígbá ilé adìyẹ ò ní rí nǹkan kan sọ. Fífọ ọpọ́n omi náà á dákẹ́. Méjì tàbí mẹ́ta péré ló máa dáhùn, àwọn yẹn ló ń lọ sókè. Àwọn tó dákẹ́, kó wọn sísàlẹ̀ lábẹ́ orúkọ oko náà, ní ìlà kan tàbí méjì, kí wọ́n má ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ó yá, èwo ló dáhùn?

Wàsíù Ìwó

Ẹ ṣé, mà. Mo jókòó ti àtòkọ náà lánàá. Oúnjẹ dáhùn.

Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀wọ́ adìyẹ tí mo bá ti pé ọ̀sẹ̀ 48. Ọkùnrin tó jẹ́ alábòójútó nígbà náà máa ń ní kí a bu oúnjẹ kún ọpọ́n dé etí, ó ní ká má jẹ́ kí ebi pa wọ́n. Adìyẹ kì í jẹun jẹ́jẹ́, ẹnu ló fi ń gbá a kiri. Gbogbo rẹ̀ á máa dà sílẹ̀ lábẹ́ kéèjì. Tí ẹ bá wo orí ìgbẹ́ láàárọ̀, ẹ ó rí oúnjẹ lórí rẹ̀ bí ẹni fọ́n gàrí. Nígbà tí wọ́n ta ọ̀wọ́ yẹn, tí wọ́n kó tuntun wọlé ní oṣù kẹwàá 2022, èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó. Mo ní kí àwọn ọmọ máa bu ún dé ìdá kan nínú mẹ́ta ọpọ́n, kí wọ́n sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Ẹyin fífọ́ náà dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kó ẹyin tẹ́lẹ̀, mo sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹyin tó ń yí bọ̀ ló máa ń kọ lu èyí tó ti wà lẹ́nu kéèjì. Tí ẹ bá tètè kó ti iwájú kúrò, èyí tó ń bọ̀ ò ní rí nǹkan kọ lù.

Ṣùgbọ́n mi ò ní nọ́ńbà, mà. Mo ti kúrò lóko yẹn, ọwọ́ ọ̀gá ni ìwé àkọsílẹ̀ wà.

Àǹtí Ọ́fíìsì

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́rìndínlógún rẹ ńkọ́? Fífi iṣẹ́ ọjọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Kí lo fi ń ránṣẹ́?

Wàsíù Ìwó

Wásáàpù ni, lálaalẹ́.

Háà.

Ìyá Ìbejì Mánísítà

Ẹ jọ̀ọ́ o, mo fẹ́ yà síbí díẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Èmi náà ní ìlà bíi mọ́kànlá: wíwẹ̀ fún wọn, fífún wọn lóúnjẹ, yíyí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má bàa bá ara wọn, kíkọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo fẹ́ wá iṣẹ́ asáájú àwọn olùtọ́jú. Ẹ ní kí n wá nọ́ńbà. Nọ́ńbà wo ló wà nínú wíwẹ̀ fún màmá ẹni 89 ọdún?

Àǹtí Ọ́fíìsì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹni kankan ò ní kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ wẹ̀ fún èèyàn. Nínú iṣẹ́ yín, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ló máa ń jẹ́ èrè. Ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lábẹ́ yín: ṣé egbò bẹ́ẹ̀dì bá ẹnì kankan nínú wọn láti ìgbà tí ẹ ti ń tọ́jú wọn? Ẹ jẹ́ ká parí ti Wàsíù ná, mò ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Wàsíù Ìwó

Mo ti padà dé. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà «Àpò» sí ibi tí a ti ń wá nǹkan nínú ìjíròrò èmi àti ọ̀gá, gbogbo rẹ̀ sì jáde láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ rèé:

«Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹyin 107. Fọ́ 2. Kú 0. Àpò 18.»

Mo wá mú ọ̀sẹ̀ 60 ọ̀wọ́ tó ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ 60 ti èmi, kí ọjọ́ orí wọn lè dọ́gba. Ti ìṣáájú bọ́ sí oṣù kẹta 2022, ti èmi sí oṣù kẹjọ 2023. Adìyẹ 4,000 ni wọ́n kó wọlé nígbà méjèèjì, ní ọ̀sẹ̀ 17.

Ti ìṣáájú: 3,640 ló kù láàyè. Kéréètì 97 lóòjọ́, 5 nínú rẹ̀ fọ́. Oúnjẹ àpò 20.

Ti èmi: 3,840 ló kù. Kéréètì 107, 2 fọ́. Oúnjẹ àpò 18.

Délé Kafé

Ṣé ẹ rí i! Kéréètì 97 sí 107. Tún fi owó sí i: èló ni wọ́n ń ta kéréètì kan ní 2022, èló ni ní 2023? Pa á pọ̀. Wà á rí i pé owó tó ń wọlé fò sókè gan-an. Ibẹ̀ ni ìdá 60 tí mo sọ wà.

Àgbà Olóko

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàná. Délé, owó ẹyin lọ sókè ní gbogbo Nàìjíríà. Oko tí alábòójútó rẹ̀ ń sùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ náà, owó tó ń wọlé fún un fò. Owó oúnjẹ adìyẹ sì ń sá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kọ náírà fún olóko, ńṣe ni olóko máa rẹ́rìn-ín. Kéréètì àti àpò ni kó kọ, náírà ò lè yí ìyẹn padà.

Wàsíù, o ṣe dáadáa tó o fi ọ̀sẹ̀ kan náà wé ara wọn. Mo ti rí ẹni tó fi adìyẹ ọ̀sẹ̀ 30 wé ti ọ̀sẹ̀ 72, tó wá ń yangàn pé òun sọ ẹyin di púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ 30 ni wọ́n máa ń yé jù, iṣẹ́ Ọlọ́run nìyẹn.

Ṣùgbọ́n wo oṣù tó o kọ. Oṣù kẹta ni ooru ń pa adìyẹ jù lọ́dọ̀ wa. Oṣù kẹjọ, òjò àti ìtura. Adìyẹ tí ooru mú, yíyé rẹ̀ á dínkù láìka ẹni tó ń bójú tó o sí. Tí mo bá ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, mo máa béèrè oṣù tó jẹ́, ìlà yẹn á sì bà jẹ́ mọ́ ọ lẹ́nu.

Wàsíù Ìwó

Àgbà, kí ló wá kù fún mi báyìí?

Àgbà Olóko

Oúnjẹ. Òun gan-an ni wúrà rẹ. Gbọ́ ìdí rẹ̀. Nínú ooru, adìyẹ kì í jẹun dáadáa, omi ló máa ń mu. Àwọn ti ìṣáájú yẹn wà nínú ooru, wọ́n sì fi 200 dín sí tìrẹ, síbẹ̀ àpò 20 ni wọ́n ń «jẹ». Àpò kan jẹ́ kílò 25. Kílò 500 fún adìyẹ 3,640, gíráàmù 137 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adìyẹ ẹlẹ́yin tó dàgbà kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀, 110 sí 120 ni. Èyí tó kù ni gàrí tó o rí lórí ìgbẹ́. Tìrẹ, kílò 450 fún 3,840, ó jẹ́ gíráàmù 117. Ó bọ́ síbi tó yẹ. Ooru tó ba ti ẹyin jẹ́ fún ọ ló gbè ọ́ lẹ́yìn níhìn-ín.

Àǹtí Ọ́fíìsì

Ẹ kú làákàyè, Bàbá. Èmi ò lè rí ti ooru yẹn láéláé.

Wàsíù, ìbéèrè méjì. Ṣé ọjọ́ kan lo mú àpò 18 yẹn ni àbí ọ̀sẹ̀ náà látòkè délẹ̀? Ìkejì, adìyẹ tó kú: 360 àti 160. Kí ló pa àwọn 360?

Wàsíù Ìwó

Ọjọ́ mẹ́je ni mo rò pọ̀ tí mo pín, mà. Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ àpò 19, ọjọ́ kan 17.

Ti òkú… kí n má parọ́. Mo gbọ́ pé àìsàn wọ ilé yẹn kí n tó dé, ó sì pa bíi 150 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tiwa, dókítà ẹran tuntun ni ọ̀gá gbà, òun ló ń ṣe àjẹsára. Ìrànwọ́ lásán ni tèmi, mo kàn ń rí i pé omi tí a pò ó sí tán kí wákàtí méjì tó kọjá.

Délé Kafé

Ta ló máa mọ̀? Kọ 360 sí 160! Ó dún ju oúnjẹ lọ.

Àǹtí Ọ́fíìsì

Ẹni tó máa pe ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lórí fóònù ló máa mọ̀, mo sì máa ń pè wọ́n. Má fi wé ti ìṣáájú, Wàsíù. Sọ tìrẹ nìkan: 160 nínú 4,000 títí di ọ̀sẹ̀ 60. Ẹni tó mọ adìyẹ á mọ̀ pé ó dára, kò ní kó o tó tọ́ka sí òkú ẹlòmíì. Kí o sì dárúkọ dókítà ẹran níbẹ̀. Ẹni tó ń wá máníjà fẹ́ mọ̀ pé o lè bá dókítà ṣiṣẹ́.

Ó yá, kọ ọ́ ká rí i.

Wàsíù Ìwó

«Mo ti ṣe alábòójútó oko adìyẹ ẹlẹ́yin tó ní adìyẹ 4,000, níbi tí mo ti ń rí sí fífún wọn lóúnjẹ àti omi, kíkó ẹyin àti ìmọ́tótó, tí mo sì dín ìfiṣòfò oúnjẹ kù gidigidi nípa yíyí bí a ṣe ń bu oúnjẹ padà, tí ẹyin fífọ́ náà sì dínkù, tí mo tún ń ran dókítà ẹran lọ́wọ́, tí mo ń kọ àkọsílẹ̀…»

Ó ti di ìlà méje, mà.

Àǹtí Ọ́fíìsì

Àtòkọ rẹ ló tún gba ẹ̀yìn wọlé. Yọ gbogbo ohun tó wà láàárín «níbi tí» àti «ìmọ́tótó». «Gidigidi» ò sọ nǹkan kan fún mi nígbà tí àpò 20 sí 18 wà lọ́wọ́ rẹ. Bó o ṣe ń bu oúnjẹ, fi ìyẹn pa mọ́. Wọ́n máa bi ọ́ lójú kojú, ibẹ̀ lo ti máa sọ ọ̀rọ̀ gàrí. Tún gbólóhùn náà gé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró.

Wàsíù Ìwó

«Alábòójútó oko adìyẹ ẹlẹ́yin: adìyẹ 4,000, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Mo dín oúnjẹ kù láti àpò 20 sí 18 lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ adìyẹ tó ń jẹ ẹ́ fi 200 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹyin tó ń fọ́ wálẹ̀ láti bíi 5 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi àti dókítà ẹran jọ ṣe é tó fi jẹ́ pé 160 péré ló kú nínú 4,000 títí di ọ̀sẹ̀ 60.»

Àgbà Olóko

Ẹ̀n-hẹ́n. Èyí, mo máa pè ọ́ wá. Àpò méjì lóòjọ́, ọgọ́ta àpò lóṣù nìyẹn. Má kọ ọgọ́ta yẹn o, jẹ́ kí olóko rò ó fúnra rẹ̀, á dùn mọ́ ọn ju kó o sọ fún un lọ.

Délé Kafé

Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n «ìṣàkóso òṣìṣẹ́» wà nínú ìpolówó iṣẹ́ náà, mo ti lọ wò ó. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn hàn. «Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin» nìkan ò tó.

Àǹtí Ọ́fíìsì

Òótọ́ ni o sọ. «Mo ṣàkóso òṣìṣẹ́ mẹ́rin» ni kó kọ. Tó bá ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ní láti lo ọ̀rọ̀ tí àwọn gan-an lò nínú ìpolówó, kó má sì lọ kó «takuntakun» rẹ wọlé padà.

Ìyá Ìbejì Mánísítà

Mo ní ìbéèrè kan lórí ti Wàsíù kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ mi. Ìwé oko ọ̀gá rẹ̀ ni nọ́ńbà wọ̀nyí. Níbi tí mo wà, tí n bá kọ iye egbò tàbí iye ẹni tó ṣubú nílé iṣẹ́ mi síta, wọ́n lè lé mi. Ṣé ọ̀gá rẹ̀ ò ní bínú pé oko mìíràn mọ iye òkú òun?

Àgbà Olóko

Èmi máa bínú, kí n sọ òótọ́. Ẹni tó ń du oníbàárà mọ́ mi lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ mọ iye kéréètì tí mò ń kó lóòjọ́. Kó kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kó yọ 4,000 kúrò.

Àǹtí Ọ́fíìsì

Bàbá, tó bá yọ 4,000, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá 400 ló ń bójú tó? Ìdá láìsí iye ò wúlò fún mi. Àti pé kò kọ iye kéréètì, ẹyin fífọ́ nìkan ló kọ.

Àgbà Olóko

Ẹni tó mọ iye adìyẹ á ro iye kéréètì fúnra rẹ̀. Mi ò gbà.

Wàsíù Ìwó

Mo máa pe ọ̀gá mi lálẹ́ òní kí n béèrè. Wọn kì í bínú sí mi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n mọ̀, torí orúkọ wọn ni mo fẹ́ kọ pé kí wọ́n pè.

Ìyá Ìbejì Mánísítà

Ó dáa. Èmi náà ti gbìyànjú tèmi. «Olùtọ́jú àgbàlagbà, ọdún márùn-ún. Nínú ẹni mẹ́jọ tí wọ́n fi sábẹ́ mi, mẹ́ta kì í lè yí ara wọn padà. Egbò bẹ́ẹ̀dì ò bá ẹnì kankan nínú wọn. Èmi ni wọ́n ń fi àwọn tuntun tì, kí n kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.» Mi ò dárúkọ ilé.

Àǹtí Ọ́fíìsì

Ti àwọn tuntun yẹn ni kí ẹ mú ṣíwájú, iṣẹ́ asáájú lẹ ń wá. Àwọn mélòó lẹ ti kọ́?

Ìyá Ìbejì Mánísítà

Mi ò kà wọ́n rí. Ẹ jẹ́ n lọ wo ìwé iṣẹ́ mi, wọ́n máa ń ní ká fọwọ́ sí i fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣadé Ẹlẹ́yin

Ṣé ẹyin yẹn wà fún títà ni àbí kò sí?

Wàsíù Ìwó

Kò sí lọ́wọ́ mi o, Àǹtí Ṣadé. Mo ti kúrò níbẹ̀.